Ojú Ìwé Márùn-ún Tó Gbọ́dọ̀ Lọ

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa wo ife. Bẹ́ẹ̀ ni, ife. Níbi tí wọ́n bá ti ń ya fíìmù, òun ni ẹ ó rí lórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ òsì ni òṣèré fi gbé ife, pé omi inú rẹ̀ dé ìdajì, pé bọ́tìnì kejì ẹ̀wù rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Bí wọ́n bá jẹun tán, tí wọ́n ní kí wọ́n tún un yà, tí òṣèré wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife, obìnrin yìí á ké láti orí àga: "Kò bára mu!" Ó di kí gbogbo wọn dúró, ó di kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe di Ìyá Kò-bára-mu nìyẹn. Ó tó ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Agogo kékeré kan máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú fún àwọn tó ń sáré ìje. Kí wọ́n tó ya fíìmù, òun ni wọ́n ń gbé ìwé eré fún pé kó bá àwọn mọ iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní òfin kan: ojú ìwé kan, ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n òfin yìí ń purọ́ díẹ̀, Ìyá Kò-bára-mu sì mọ ibi tó ti ń purọ́. Ojú ìwé tí èèyàn méjì ti ń jà lè tán kí ìṣẹ́jú kan tó pé, nítorí ìjà kì í mí. Ìlà kan ṣoṣo tó sọ pé "ó ká aṣọ náà, ó sì dè é," lè jẹ odindi ìṣẹ́jú. Nítorí náà, wọn á ka ìwé náà sókè, wọn á ṣe ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú bí ẹni ń ṣe é lóòótọ́, òun á sì máa tẹ agogo. Bó bá tán, á wo àwọn tó kọ ọ́ lójú, á ní, "Ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ẹ lọ dín in." Bí wọ́n bá ń kùn, á ní, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Ó ti mú èèyàn méjì sunkún rí níbi iṣẹ́ yẹn, kò sì kábàámọ̀ ẹ̀.

Wàyí o, òun náà wá kọ ti ẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ló fi kọ ọ́, lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ojú ìwé márùndínlógún. Ìtàn náà ò le: obìnrin kan lọ kó ẹrù ìyá rẹ̀ tó kú kúrò nínú yàrá tí ìyá náà gbé, kó lè dá kọ́kọ́rọ́ padà fún lánlọ́ọ̀dù. Ó jí, ó wọ ọkọ̀, ó bá aládùúgbò pàdé lórí àtẹ̀gùn, ó kó ẹrù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ẹni tí kò wá bá a kó o, lánlọ́ọ̀dù wá yẹ ògiri wò, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó parí. Ojú ìwé mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn gbà. Kí n má parọ́ fún yín, ojú ìwé mẹ́ta yẹn ló torí rẹ̀ kọ ìyókù. Gbogbo ohun tí kò rí sọ fún ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kó ẹrù ìyá rẹ̀ ló kó síbẹ̀, ó tò ó bí ẹni to àwo.

Ẹni tó fẹ́ darí fíìmù náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹni tí ìyá yìí ti bá ka ìṣẹ́jú fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́. Òun ló mú ìròyìn àjọ̀dún fíìmù wá. Ìwé eré mẹ́fà ni àjọ̀dún náà máa mú. Àwọn tí wọ́n bá mú, wọ́n á fún wọn ní kámẹ́rà, iná, àti àwọn òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré kọjá níparí fíìmù sì wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Ìwé eré tó bá ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ, wọn ò ní ṣí i wò. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni ìparí. Fún obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò ní ẹni tó máa yá a ní kámẹ́rà, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo nìyẹn.

Aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà, àwọn méjèèjì ti wà nídìí tábìlì oúnjẹ ní ilé Ìyá Kò-bára-mu, kọ̀ǹpútà láàárín wọn, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ wọn. Nínú ilé ìdáná, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń fọ aṣọ. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n yìí, àdúgbò kejì ló ń gbé, Ọjọ́bọ̀ ló sì máa ń wá lo ẹ̀rọ náà. Wọ́n á kíra, wọ́n á bára sọ̀rọ̀ ọṣẹ àti ọ̀rọ̀ oòrùn, ó tán. Wọn ò jà. Wọn ò kàn kọjá ọṣẹ ni.

"Àǹtí," olùdarí bẹ̀rẹ̀, "ṣé ó di dandan kí obìnrin yìí jí?"

"Báwo lo ṣe ní bẹ́ẹ̀? Ṣé kó sùn títí ni?"

"Mo ní ṣé a gbọ́dọ̀ rí i nígbà tó ń jí. Ó jí, ó wẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó wo ojú fèrèsé. Ojú ìwé méjì àbọ̀, kò tíì dé ibi ìtàn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn."

Ìyá Kò-bára-mu wo ojú ìwé àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá fi fa gègé sí i. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó dẹ́rù bà á díẹ̀, ó mí, ó fà á. Méjìlá àbọ̀ ló kù.

Aládùúgbò orí àtẹ̀gùn ló kàn. Odindi ojú ìwé kan ni ó fi ń kí èèyàn kú àṣẹ̀yìndè, tó ń béèrè ọmọ, tó ń béèrè iṣẹ́.

"Bí wọ́n ṣe ń kíni nìyẹn," Ìyá Kò-bára-mu wí.

"Bí wọ́n ṣe ń kíni nílé ni. Nínú fíìmù, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti kí tán, kẹ́ ẹ sì kúrò kí wọ́n tó dágbére. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Àǹtí. Ẹ sọ ọ́ sí mi lójú níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mi."

"Mo ti rí i pé o ò gbàgbé."

"Mo fẹ́ gbàgbé!"

Wọ́n gé ìdajì rẹ̀. Ó ku méjìlá. Olùdarí wá fi ìka sí ojú ìwé karùn-ún, níbi tí ọ̀rọ̀ orí fóònù ti bẹ̀rẹ̀.  Ìyá náà gbá ìka rẹ̀ kúrò bí ẹni gbá eṣinṣin.

"Lọ mu omi," ó ní. "Òùngbẹ ń gbẹ ọ́."

Olùdarí dìde lọ sílé ìdáná. Ohun tí ìyá yìí wá ṣe lẹ́yìn ẹ̀, tí ẹlòmíràn bá ṣe é, ì bá lé e jáde níbi iṣẹ́. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó dín ìwọ̀n lẹ́tà kù láti méjìlá sí mẹ́wàá. Ó fa etí ìwé sápá òsì, ó fà á sápá ọ̀tún, títí ọ̀rọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sílẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀: ojú ìwé mẹ́wàá géérégé. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì káwọ́ jókòó bí ẹni rere.

Nígbà tí olùdarí padà dé, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. "Àǹtí! Mẹ́wàá!" Ó gbé ìwé náà sókè. Ó gbé e jìnnà sójú. Ó tún gbé e súnmọ́ ọn. "Àǹtí, ṣé èèrà ni wọ́n fẹ́ kó kà á ni?"

"Ojú ẹ ni ò dáa."

"Wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìwọ̀n lẹ́tà gbọ́dọ̀ jẹ́ méjìlá. Etí ìwé náà, wọ́n sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó."

"Ta ló máa fi rúlà wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ̀yin! Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ̀yin gan-an lẹ máa fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ ó tún pe èèyàn wá wò ó." Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. "Ká tilẹ̀ ní wọn ò rí i. Tí wọ́n bá mú wa, fíìmù ò mọ lẹ́tà kékeré. Ẹ jẹ́ ká kà á, ká wo iye tí agogo máa sọ."

 Ìyá Kò-bára-mu bọ́ agogo lọ́rùn. Olùdarí ní òun á ṣe obìnrin náà, òun á sì máa ṣe gbogbo ohun tí kò ní ọ̀rọ̀. Àwọn tó kù nínú eré ńkọ́, aládùúgbò, lánlọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n orí fóònù?

"Èmi á kà wọ́n," Ìyá Kò-bára-mu wí kíákíá.

"Ẹni tó ń ka agogo kì í ka ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ó máa ń jẹ́ kọ́wọ́ yá jù." Olùdarí ti yíjú sí ilé ìdáná. "Mà! Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé ẹ lè bá wa ka nǹkan díẹ̀?"

"Fi wọ́n sílẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń fọ̀."

"Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. Ó ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ ìnura nu ọwọ́, ó sì ti wọ awò ojú rẹ̀. "Èmi kàn ń wò ó ni. Kí ni mo máa kà?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí ọ̀nà àbáyọ ò sí. Ìyá Kò-bára-mu tẹ agogo. Olùdarí ti kọ́kọ́rọ́ tí kò sí bọ ilẹ̀kùn tí kò sí. Ẹ̀gbọ́n ka aládùúgbò dáadáa. Olùdarí wá kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń ká aṣọ tí kò sí, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, ó ń dè é, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, agogo ń lọ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé fóònù sétí.

Ẹ̀gbọ́n ṣí ojú ìwé. Ohùn tó fi ń ka ìwé àwọn aláìsàn ló fi kà á, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"'Ṣé kí n fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ torí ìkòkò àti ẹní?'"

"'Ẹ ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Màmá ń ṣàìsàn náà,'" olùdarí dáhùn gẹ́gẹ́ bí obìnrin inú eré.

"'Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn. Ìwọ ló yẹ kó kó o.'"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, ojú ìwé kan, ó di méjì. Ọ̀rọ̀ náà gún, ó mú, kò sí ìlà tí kò dùn. Ìyá Kò-bára-mu ò gbé ojú kúrò lára agogo. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ẹ̀gbọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Èmi lo fi ṣe èyí?"

Olùdarí wo ilẹ̀. Ìyá Kò-bára-mu tẹ agogo dúró.

"Eré ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Mo ń béèrè ibi tó o ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sọ ọ́."

"Ẹ ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n..."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó o pè mí yẹn, inú wọ́ọ̀dù ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí a ń to oògùn sí. O ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń dá kọ́kọ́rọ́ padà o.' Mo fẹ́ dáhùn. Ẹnu mi ò ṣí. O ní, 'Ṣé ẹ wà níbẹ̀?' O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ pa fóònù mọ́ mi lójú ni."

"Èmi kọ́. Ìwọ lo pa á. Èmi ṣì gbé e sétí títí nọ́ọ̀sì kejì fi wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyá Kò-bára-mu, ẹni tó lè sọ fún yín pé nínú fíìmù tí wọ́n yà ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, bàtà òsì òṣèré ní ẹrẹ̀, ti ọ̀tún ò ní, jókòó, ó ń wá ọjọ́ yẹn nínú orí rẹ̀. Ó rí yàrá náà. Ó rí ibi tí ẹní ti fi àmì sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó rí àtàǹpàkò ara rẹ̀ lórí fóònù. Ó wá rí i pé àtàǹpàkò náà ló tẹ ibi tí fóònù fi pa.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí padà?"

"Kí ló dé tí ìwọ náà ò pè?" Ẹ̀gbọ́n ti wọ awò ojú rẹ̀ padà. "Iye wo ni agogo ẹ sọ?"

Ó wo agogo. Ibi tí wọ́n dúró sí yẹn, pẹ̀lú ti lánlọ́ọ̀dù tí wọn ò tíì kà, ìṣẹ́jú méjìlá ni yóò kọjá díẹ̀. Lẹ́tà kékeré ò yí i padà.

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó ṣe é. Ó fa kọ̀ǹpútà, ó dá lẹ́tà padà sí méjìlá, ó dá etí ìwé padà síbi tó yẹ kó wà. Ó lọ síbi ọ̀rọ̀ orí fóònù, ó sàmì sí gbogbo rẹ̀ láti "Ṣé kí n fi iṣẹ́ mi sílẹ̀" dé ìparí. Ó gbé ọwọ́ sórí bọ́tìnì tí ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́.  Ọdún mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìka yẹn, àti ibi kan ṣoṣo nínú ayé tó ti borí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ìjà. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó kọ rọ́pò rẹ̀ ò gba ojú ìwé kan. Obìnrin náà pè. Ó ní òun ti ń dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀. Obìnrin náà pa fóònù.

Ojú ìwé mẹ́wàá. Kò lé, kò dín.

"Àǹtí," olùdarí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "'Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀.' Ìlà kan ni. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló máa jẹ́ tí a bá yà á? Ó yẹ ká mọ̀ kí gbogbo rẹ̀ má lọ ju mẹ́wàá lọ."

Ó tọ̀nà, bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ìyá Kò-bára-mu wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Kí n ṣe kí ni? Kí n dákẹ́? O ti ń bẹ̀ mí láti kékeré pé kí n dákẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé fóònù tirẹ̀ sétí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ kejì gbá tábìlì náà mú. Olùdarí sọ ọ̀rọ̀ ti obìnrin náà. Ìyá Kò-bára-mu tẹ agogo. Ẹnu ẹ̀gbọ́n ṣí díẹ̀, ó padé. Nínú ilé ìdáná, ẹ̀rọ ìfọṣọ ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Olùdarí béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé fóònù tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gbé ti ẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Kò-bára-mu ló tẹ agogo dúró nígbẹ̀yìn.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógójì."

"Ó pọ̀," olùdarí wí. "Ó dára, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Mo fi ogún sọ́kàn."

Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tún ṣe lánlọ́ọ̀dù, ó sì gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fi ìka kan ògiri kiri ilé, ó ń béèrè ẹni tó kan ìṣó síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti àáyá méjìdínlọ́gọ́ta. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ máa gba ogún àáyá. Ó lé ní àáyá méjìdínlógún.

"Ẹ gé ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí méjìdínlógún," olùdarí wí, "a ti dé ilé nìyẹn."

"Rárá."

"Àǹtí, aago márùn-ún ti kọjá o."

"Mo ní rárá. Mú ojú ìwé kẹsàn-án wá."

Ojú ìwé kẹsàn-án ni lánlọ́ọ̀dù ti ń ṣàlàyé ìṣó inú ògiri, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ kan nípa àwọn ayálégbé tó ń gbé ògiri lọ. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹni tó ti ka ìwé náà fi ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Kò-bára-mu fa gègé sí i, odindi, kò tún un wò. Wọ́n ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ogún àáyá ti lọ.

"Ìṣó mi!" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké. "Ibẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù!"

"Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"O wá fi ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀, o gé ẹ̀rín. Ta ló máa wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀?"

"Bóyá kò sí."

Olùdarí fi ìwé náà ránṣẹ́ ní aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Èsì yóò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì palẹ̀ mọ́, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n kó aṣọ tútù rẹ̀ sínú agbọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, bó bá ti kó o tán, á ní ó dàárọ̀, á sì máa lọ. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹní yẹn," ó ní, "èyí tí Màmá ń sùn lé. Ta lo fún?"

"Ó wà nínú yàrá mi. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Jẹ́ kí n rí i."

Àbúrò rẹ̀ dìde, ó ṣáájú.